Bí a ṣe ń to àléébù ilé tuntun sínú lẹ́tà sí agbaṣẹ́ṣe

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Ògùdù ni mo ń gbé. Lẹ́yìn Kérésì ni agbaṣẹ́ṣe fa ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi lé mi lọ́wọ́, ó di ọ̀sẹ̀ 7 báyìí. Omi ń jò láti balùwẹ̀ òkè sí àjà pálọ̀, ògiri ń sán, ilẹ̀kùn mẹ́ta kò padé, wọn ò sì tíì kun ẹ̀yìn ilé. Tí mo bá pè é, á ní òun ti gbọ́, á rán ọmọ iṣẹ́ kan wá lẹ nǹkan mọ́ ọn. Púlọ́ńbà àdúgbò wa ní páìpù tí wọ́n lò ni kò dára. Ìwé àdéhùn wa fún un ní oṣù 6 láti fi tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe, ìdá 5 nínú 100 owó iṣẹ́ náà sì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ mi ní kí n kọ lẹ́tà. Báwo ni kí n ṣe to àwọn nǹkan náà, ṣé kí n sì sọ fún un pé páìpù ni?" (Ìyá kan, Ògùdù)

Màmá, ẹ má kọ páìpù sínú lẹ́tà náà. Ó ṣeé ṣe kí òótọ́ wà nínú ohun tí púlọ́ńbà yẹn sọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì rí i. Omi lára àjà pálọ̀ ni ẹ fojú rí. Ó kéré tán, nǹkan mẹ́ta ló lè gbé omi débẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní àtúnṣe tirẹ̀. Bí ẹ bá dárúkọ ọ̀kan nínú lẹ́tà, tó sì jẹ́ pé òmíràn ni, agbaṣẹ́ṣe lè ṣe gbogbo ohun tí ẹ ní kó ṣe, kí omi sì máa jò lọ.

Mo rí irú rẹ̀ ní Sùúrùlérè, nínú ilé kan tí wọ́n pè mí sí lẹ́yìn tí onílé àti agbaṣẹ́ṣe ti ń fa ọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́rin. Ohun tí onílé kọ nípa balùwẹ̀ rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Páìpù yín ń jò, ẹ wá pààrọ̀ rẹ̀." Agbaṣẹ́ṣe wá, ó dí ẹnu páìpù, ó fi ẹ̀rọ ti omi sínú rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, agbára omi náà kò sì dín. Ó kọ èsì pé òun ti yẹ páìpù wò, kò jò, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò sì purọ́, nítorí páìpù náà dára. Ilẹ̀ balùwẹ̀ ló ní àléébù. Wọn kò fi ohun tí kì í jẹ́ kí omi gbà kọjá sábẹ́ táìlì, ilẹ̀ náà sì fì sí apá ògiri dípò kó fì sí apá ihò omi, nítorí náà omi ìwẹ̀ ń dá ró sí ẹsẹ̀ ògiri, ó sì ń mu wọ inú kọnkéré díẹ̀díẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló fi ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí onílé fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún àwọn tó bá bi mí pé ohun tí ẹnikẹ́ni lè wá fojú rí, tó lè fi téèpù wọ̀n, ni kí wọ́n kọ. Wíwá ìdí rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó gba owó tó sì kọ́ ilé.

Ìyẹn kò ní kí ẹ má ṣe àyẹ̀wò kankan kí ẹ tó kọ̀wé. Àyẹ̀wò kan wà tí ẹ lè ṣe fúnra yín láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí kò ní ná yín ju omi lọ, tó sì máa ń sọ púpọ̀. Páìpù tó ń gbé omi wá láti táǹkì máa ń kún fún omi tọ̀sán-tòru, nítorí náà bó bá ń jò, yóò máa jò yálà ẹnikẹ́ni lo balùwẹ̀ tàbí kò lò ó. Páìpù tó ń gbé omi ìdọ̀tí lọ kì í ní omi nínú àfi nígbà tí ẹnì kan bá fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì tàbí tó da omi sínú síǹkì, nítorí náà ìgbà yẹn nìkan ló ń jò. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ balùwẹ̀ ni, àjà kì í tutù àfi nígbà tí wọ́n bá ti wẹ̀ tí omi sì dà sílẹ̀, ó sì lè tó wákàtí mélòó kan kí ó tó yọ nísàlẹ̀, nítorí pé inú kọnkéré ló ń rìn gbà. Ìdúró yẹn gan-an ló ń tan àwọn púlọ́ńbà jẹ. Wọ́n á da omi, wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọn ò ní rí nǹkan kan, wọ́n á sì ní kì í ṣe ilẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, bí gílóòbù tàbí wáyà iná bá wà nínú àjà níbi tí omi ń kán sí, ẹ pa iná apá ibẹ̀ láti ibi bírékà, kí ẹ má sì tàn án títí tí ibẹ̀ yóò fi gbẹ. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà yí etí àbàwọ́n omi tó wà lára àjà ká, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ní ọjọ́ kìíní, ẹ ti balùwẹ̀ náà pa fún wákàtí 24, kí ẹnikẹ́ni má lò ó, ṣùgbọ́n kí omi wà nínú páìpù bó ṣe máa ń wà. Ní ọjọ́ kejì, ẹ fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì nígbà mélòó kan, kí ẹ da omi sínú síǹkì, ṣùgbọ́n kí ẹ rí i pé ilẹ̀ kò tutù rárá. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ fi ọ̀rá di àkísà, kí ẹ fi dí ihò omi tó wà nílẹ̀ dáadáa, kí ẹ da omi sílẹ̀ tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 2, kó má ga tó ẹnu ọ̀nà. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí omi dé lára táìlì ògiri, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Lójoojúmọ́, ẹ máa lọ wo àjà pálọ̀, kí ẹ sì kọ aago tí ẹ wò ó àti ohun tí ẹ rí, títí kan ìgbà tí ẹ kò rí nǹkan kan. Àkọsílẹ̀ "omi kò kán" níye lórí bí àkọsílẹ̀ "omi kán", nítorí pé òun ló ń yọ àwọn ohun tí kì í ṣe òun kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àyẹ̀wò yìí kò pé o. Páìpù tó ń jò díẹ̀díẹ̀ lè má fi ara hàn ní ọjọ́ kan, àjà tó ti mu omi púpọ̀ sì lè máa kán fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn tí omi ti dáwọ́ dúró, nítorí náà bó bá ṣì ń kán lọ́wọ́, ẹ dúró kó gbẹ ná. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, tí a kì í kọ ohun tí a rò pé ó fà á.

Ká ní ọjọ́ kẹta nìkan ni omi kán nílé yín. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé: "Nọ́ńbà 1. Balùwẹ̀ òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ńlá, àti àjà pálọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, àbàwọ́n omi tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 85, tó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40, wà lára àjà pálọ̀, sẹ̀ǹtímítà 120 sí ògiri tó kọjú sí títì. Ní ọjọ́ 15, ẹnikẹ́ni kò lo balùwẹ̀ náà fún wákàtí 24, omi kò sì kán. Ní ọjọ́ 16, a fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, a sì da omi sínú síǹkì láìjẹ́ kí ilẹ̀ tutù, omi kò kán. Ní ọjọ́ 17, a dí ihò omi ilẹ̀, a da omi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 2 sílẹ̀ ní aago 7 àárọ̀, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti àjà ní aago 3 ọ̀sán. Fọ́tò 1 sí 6 fi èyí hàn. A fẹ́ kí ẹ wá ìdí rẹ̀, kí ẹ tún un ṣe tí omi kò fi ní gba ibẹ̀ kọjá mọ́, kí a jọ tún àyẹ̀wò wákàtí 24 náà ṣe, kí ẹ sì tún àjà ṣe lẹ́yìn náà."

Ẹ wò ó pé kò sí "iṣẹ́ jákujàku" níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí "páìpù ayédèrú". Ẹni tí kò dé ilé yín rí, bí alárinà tàbí adájọ́, lè ka gbólóhùn wọ̀nyẹn kí ó mọ ibi tí yóò dúró sí, ohun tí yóò wò, àti bí yóò ṣe mọ̀ pé ó ti dára. Ẹ wò ó pẹ̀lú pé mi ò sọ fún agbaṣẹ́ṣe pé kó tú táìlì tàbí kó fi kẹ́míkà kan báyìí sí i. Bí ẹ bá yan ọ̀nà àtúnṣe fún un, tó sì tẹ̀ lé e, tí omi tún ń jò, yóò sọ pé ohun tí ẹ ní kí òun ṣe ni òun ṣe. Ẹ béèrè àbájáde, kí ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa ń tẹnu mọ́ ni pé kí àjà wà ní ṣíṣí títí tí àyẹ̀wò yóò fi yege, nítorí pé ọ̀dà tuntun lára àjà lè bo omi mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ní ti ògiri tó ń sán, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn kò tó, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ìsán ló jọ ara wọn. Ìgbà ọyẹ́ ni ẹ gba ilé. Bí ẹ bá rí ìlà tín-ínrín tó dà bí àwọ̀n lójú ògiri, tí kò gba èékánná, ó sábà máa ń jẹ́ pílásítà tó tètè gbẹ nínú afẹ́fẹ́ ọyẹ́, tí wọn kò wọ́n omi sí tó, tàbí tí sìmẹ́ńtì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí kì í wu ilé léwu. Bí ìlà náà bá lọ tààrà láti òkè dé ilẹ̀ níbi tí òpó kọnkéré ti pàdé búlọ́ọ̀kù, ohun méjì tí kì í fẹ̀, tí kì í sì í sún kì bákan náà ni wọ́n rẹ́ papọ̀ láìfi àwọ̀n wáyà dì wọ́n mú. Àléébù ni, ó sì yẹ kó tún un ṣe, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé ilé fẹ́ wó. Èyí tí kò yẹ kí ẹ fojú fò ni ìlà tó fì dábùú láti igun fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn, tàbí tó ń gun àárín búlọ́ọ̀kù bí àtẹ̀gùn. Ó lè jẹ́ pé líńtẹ̀lì kò wọnú ògiri tó, ó sì lè jẹ́ pé ìpìlẹ̀ ń rì ní apá kan, pàápàá bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ ibi tí wọ́n kó yanrìn dí àbàtà.

Ohun tí lẹ́tà yín ní láti sọ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó parí sí, bó ṣe gùn tó àti bó ṣe fẹ̀ tó. Ẹ lè lo káàdì báńkì láti fi mọ bó ṣe fẹ̀. Káàdì náà nípọn tó ìwọ̀n mẹ́rin nínú márùn-ún mìlímítà 1, nítorí náà ibi tí káàdì bá wọ̀, ìsán náà kì í ṣe ti ojú pílásítà lásán mọ́. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré dábùú orí rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ kọ ọjọ́ síbẹ̀, kí ẹ sì padà wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bó bá ti kọjá àmì yín, ó ń rìn nìyẹn, ìyẹn sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹ kọ sínú lẹ́tà pé kí wọ́n má ṣe fi nǹkan dí èyí tó fì dábùú títí tí wọ́n yóò fi sọ ìdí rẹ̀ fún yín lórí ìwé. Ilẹ̀kùn mẹ́ta tí kò padé náà, ẹ wò ó bóyá èyíkéyìí nínú wọn wà lára ògiri tó sán. Bí ilẹ̀kùn bá ń padé dáadáa ní oṣù Kejìlá, tí kò padé mọ́ ní oṣù Kejì, tí ìlà sì dábùú lókè férémù rẹ̀, mi ò ní kà á mọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ẹ pe ẹnjiníà ilé tó ní ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀, kí ẹ sanwó rẹ̀ fúnra yín, kí ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀ fún yín. Bí ó bá rí ewu, ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò ohun èlò ìkọ́lé tó jẹ́ ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lè dán agbára kọnkéré náà wò. Èmi kò rí ilé yín, mi ò sì lè fi ẹnu sọ láti ibi tí mo wà bóyá tiyín dé ibẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé tí wọn kò kùn kò yẹ kó wà nínú ìlà kan náà pẹ̀lú balùwẹ̀. Àṣekù ni ìyẹn. Iṣẹ́ tí ẹ ti bá a ṣàdéhùn rẹ̀ ni, tí kò tíì ṣe. Àléébù ni iṣẹ́ tó ti ṣe, ṣùgbọ́n tí kò dára. Ẹ pín wọn sí apá méjì nínú lẹ́tà, kí nọ́ńbà wọn má sì pàdé, torí ohun tí mo ti rí lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹ bá kọ nǹkan 20 papọ̀, tí 17 nínú wọn jẹ́ ọ̀dà tó ta sára fèrèsé, súwíìṣì tó mì àti ìńjìsì tó ń dún, agbaṣẹ́ṣe yóò rán ọmọ iṣẹ́ méjì wá fún ọjọ́ kan, wọn yóò parí àwọn 17 náà, yóò sì kọ̀wé pé òun ti ṣe èyí tó pọ̀ jù, kí ẹ san owó òun. Èyí tí wọn kò fọwọ́ kàn ni balùwẹ̀ àti ìsán tó fì dábùú, àwọn tí owó wà nínú wọn. Ẹ kọ́kọ́ kọ àwọn tí omi, iná àti òpó ilé bá wà nínú wọn, kí ẹ kọ ọ́ kedere pé píparí èyí tó kù kò lè dípò wọn.

Ẹ tún yọ ohun tí kò yẹ kúrò. Bí ẹ bá dúró ní mítà 2 sí ògiri nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, tí ẹ kò rí àmì búrọ́ọ̀ṣì, ẹ má fi tọ́ọ̀ṣì wá a. Ohun tí ẹ̀yin tàbí àwọn tó kó ẹrù wọlé bá fọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 7 yìí, ẹ má kọ ọ́ mọ́ ọn. Ohun tí kò sí nínú ìwé àdéhùn, bí fèrèsé olówó ńlá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nílé aládùúgbò, kò lè jẹ́ àléébù. Nǹkan kan ṣoṣo tí agbaṣẹ́ṣe bá lè fi hàn pé kì í ṣe ẹ̀bi òun ló máa ń fi ba èyí tó kù jẹ́ lójú ẹlòmíràn. Níbi tí ìwé àdéhùn tàbí àwòrán ilé bá ti sọ ohun tó yẹ kó wà, ẹ tọ́ka sí i: ojú ìwé báyìí sọ pé táìlì yóò dé mítà 2 lára ògiri balùwẹ̀, ó dé mítà 1.5. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ kì í fa àríyànjiyàn.

Òkè lẹ́tà kò le. Ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́, àdírẹ́sì ilé, ọjọ́ àdéhùn, ọjọ́ tí ó fa ilé lé yín lọ́wọ́, ọjọ́ tí ẹ yẹ ilé wò àti ẹni tó wà níbẹ̀ ti tó. Ní ìsàlẹ̀, ẹ fún un ní ọjọ́ 7 láti fèsì pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ 14 láti bẹ̀rẹ̀ ní ti gidi, bí ìwé àdéhùn yín kò bá sọ iye mìíràn. Ẹ kọ wákàtí tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè wọlé, nítorí pé "a dé, a kò bá ẹnikẹ́ni" wà lára èsì tí wọ́n máa ń fún àwọn onílé jù. Bí ìwé àdéhùn bá wà ní èdè Òyìnbó, ẹ kọ lẹ́tà náà ní èdè Òyìnbó, kí ọmọ yín bá yín kọ ọ́, kí ọ̀rọ̀ inú méjèèjì lè bára mu. Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì, kí ẹni tó gbà á ní ọ́fíìsì agbaṣẹ́ṣe fọwọ́ sí ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́, kí ẹ sì mú un padà wálé. Ẹ tún lè fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, kí ẹ má sì pa àwọn ohùn àtijọ́ tó fi ránṣẹ́ rẹ́. Òfin ẹ̀rí Nàìjíríà ti ọdún 2011 gba irú wọn wọlé, ṣùgbọ́n abala 84 rẹ̀ ní àwọn ohun tó ń béèrè, nítorí náà ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí rọrùn jù láti gbé kalẹ̀.

Nípa owó tó wà lọ́wọ́ yín, mi ò ní fi í dẹ́rù bà á nínú lẹ́tà àkọ́kọ́. Ká ní iṣẹ́ náà jẹ́ mílíọ̀nù 40 náírà, ìdá 5 jẹ́ mílíọ̀nù 2. Ó mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ yín, ẹ kò nílò láti rán an létí ju gbólóhùn kan lọ: pé ẹ ó san án bí ìwé àdéhùn ṣe sọ, nígbà tí àwọn àléébù bá ti di títúnṣe. Bí owó mìíràn bá wà tí ìwé àdéhùn ní kí ẹ ti san, ẹ má dì í mú mọ́ ọn láìbi agbẹjọ́rò, nítorí pé ìyẹn lè sọ yín di ẹni tó kọ́kọ́ rú àdéhùn. Mo mọ̀ pé ó ń ṣe yín bíi kí ẹ pe ẹlòmíràn wá tún balùwẹ̀ náà ṣe lónìí. Omi tó ń kán sórí àga kì í jẹ́ kéèyàn ní sùúrù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tú táìlì yẹn kí agbaṣẹ́ṣe tó ní àǹfààní láti wá wò ó, ẹ ti tú ẹ̀rí yín dànù, ó sì lè sọ pé òun ì bá tún un ṣe lówó tó kéré sí èyí tí ẹ ná. Bí ọjọ́ tí ẹ fún un bá kọjá láìsí èsì, ẹ kọ lẹ́tà kejì, kí ẹ gba iye owó lọ́wọ́ àwọn méjì mìíràn lórí ìwé, kí ẹ ya fọ́tò gbogbo ìpele bí wọ́n ti ń tú u. Títí di ìgbà náà, ẹ má wẹ̀ ní balùwẹ̀ yẹn. Ohun tó lè fa ewu ojú ẹsẹ̀, bí omi tó dé ara wáyà, kò yẹ kó dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sọ fún un lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì jẹ́ kí oníná wá pa á mọ́.

Gbólóhùn kan wà tí ọ̀pọ̀ onílé kì í kọ, tí mo sì fẹ́ kí ẹ fi parí lẹ́tà yín: "Ohun tí a rí títí di ọjọ́ tí a yẹ ilé wò nìyí, kò dí wa lọ́wọ́ láti kọ èyí tó bá tún fara hàn láàárín oṣù 6 náà." Ìdí rẹ̀ ni pé òjò kò tíì lu òrùlé yín dáadáa. Ìgbà ẹ̀rùn ni ẹ gba ilé, oṣù 6 yín yóò sì parí ní ìparí oṣù Kẹfà. Ní Èkó, láti nǹkan bí oṣù Kẹrin ni òjò tó lágbára máa ń wọlé, tí yóò sì le jù ní oṣù Kẹfà. Ó túmọ̀ sí pé ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ẹ ní láti fi mọ̀ bóyá góòtà òrùlé gba omi tó, bóyá omi ń gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wọlé, àti bóyá ẹsẹ̀ ògiri ìsàlẹ̀ ń fa omi láti inú ilẹ̀. Lẹ́yìn òjò ńlá kọ̀ọ̀kan, ẹ rìn yí ilé ká pẹ̀lú ìwé àti téèpù. Ẹ kọ lẹ́tà àfikún ní àárín oṣù Kẹfà, kí ó tó ọjọ́ tí àsìkò náà yóò parí, pẹ̀lú nọ́ńbà tó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́. Bí oṣù 6 bá tilẹ̀ kọjá, ẹ̀tọ́ yín lórí iṣẹ́ tí kò dára kò kú lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n agbaṣẹ́ṣe kò tún ní ìdí láti yára mọ́.

Lẹ́tà tó dára jù lọ kò lè mú ẹni tí kò lówó tàbí tí kò fẹ́ wá. Bó bá dé ibẹ̀, ilé ìlàjà ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó máa ń jókòó sí irú ọ̀rọ̀ báyìí láìgba owó, lẹ́tà yín àti àyẹ̀wò ọjọ́ mẹ́ta yẹn sì ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré ní Èkó máa ń gba ẹjọ́ tí owó rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, ṣùgbọ́n gbèsè tí iye rẹ̀ ti dájú ló wà fún, nítorí náà ẹ bi agbẹjọ́rò bóyá tiyín bọ́ síbẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe tí mo mọ̀ kì í dé ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá rí lẹ́tà tó ní nọ́ńbà, ìwọ̀n àti aago, wọ́n máa ń wá fúnra wọn, wọn kì í rán ọmọ iṣẹ́ mọ́.

Nígbà tó bá wá, tó tún balùwẹ̀ ṣe, tó sì gbé ìwé síwájú yín pé kí ẹ fọwọ́ sí i pé ó ti parí, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ gbẹ bí wọ́n ṣe ní kó gbẹ, kí ẹ dí ihò omi, kí ẹ da sẹ̀ǹtímítà 2 sílẹ̀ ní aago 7 àárọ̀ bí ti àkọ́kọ́, kí ẹ̀yin àti ẹni tó rán wá jọ wo àjà tó wà ní ṣíṣí náà ní aago 7 àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bó bá gbẹ, ẹ kọ ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà 1, kí ẹ fọwọ́ sí nọ́ńbà yẹn nìkan.